Òjìji Tí Oòrùn Fúnra Rẹ̀ Kò Ní Jiyàn Sí: Yíya Àwòrán Fàráńdà, Lúfà àti Fáńsì Búlọ́ọ̀kù Lójú Ilé Ìbàdàn

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀yin ọ̀gá nídìí iṣẹ́ àwòrán ilé. Ohun kan ṣoṣo lọ̀rọ̀ wa lónìí dá lé: òjìji tí ń bọ́ sára ògiri nígbà tí oòrùn bá gba inú fàráńdà jíjìn, lúfà tàbí fáńsì búlọ́ọ̀kù kọjá. Òjìji tó kàn dùn ún wò nínú àwòrán kọ̀ǹpútà kò tó. A fẹ́ èyí tí yóò bọ́ síbẹ̀ gan-an nígbà tí wọ́n bá kọ́ ilé náà tán. Bí onílé bá rí fàráńdà rẹ̀ nínú ibòji nírọ̀lẹ́ nínú àwòrán tí a yà fún un, ibẹ̀ ni yóò gbé àga rẹ̀ sí. Bí oòrùn bá wá ń jó o lẹ́sẹ̀ níbẹ̀ lójoojúmọ́, àwa la parọ́ fún un.

Ilé kan la ó máa tọ̀ lẹ́yìn títí a ó fi parí. Ìbàdàn ló wà. Ó ní fàráńdà kan tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn gangan, mítà 2 ni jíjìn rẹ̀ láti etí dé ògiri, mítà 2.7 sì ni gíga ẹnu rẹ̀ láti ilẹ̀ dé abẹ́ bíìmù. Ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Kẹta la ó wò ó, nítorí ìgbà yẹn ni oòrùn ń wọ̀ ní ìwọ̀-oòrùn gan-an, tí ògiri bẹ́ẹ̀ sì máa ń rí ìyà rẹ̀ dáadáa.

Ibi tí oòrùn wà la ó ti bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwòrán ti ń ṣìnà kí wọ́n tó fa ìlà kan ṣoṣo. Ìbàdàn wà ní nǹkan bí dígírì 7.4 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé, ó sì wà ní dígírì 3.9 sí ìlà-oòrùn Gíríníìṣì. Ṣùgbọ́n aago Nàìjíríà fi wákàtí kan ṣíwájú ti Gíríníìṣì, ìyẹn ni pé ìlà dígírì 15 ni aago wa ń tẹ̀ lé. Dígírì mọ́kànlá àti díẹ̀ la fi wà lẹ́yìn ìlà yẹn. Ìṣẹ́jú mẹ́rin sì ni oòrùn ń lò lórí dígírì kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, nígbà tí aago bá lu méjìlá, oòrùn Ìbàdàn ṣì ku nǹkan bí ìṣẹ́jú 44 kó tó dé ibi tó ga jù. Ìṣẹ́jú díẹ̀ mìíràn tún ń lọ síwá sẹ́yìn bí ọdún ṣe ń yí. Lọ́jọ́ 21 oṣù Kẹta, ọ̀sán gangan ti oòrùn bọ́ sí 12:52. Ní 21 oṣù Kẹfà, ó jẹ́ 12:46. Ní 21 oṣù Kejìlá, ó jẹ́ 12:42.

Ẹni tó bá ń lo Sun Position nínú Blender, ohun tí yóò kọ sínú àpótí rẹ̀ nìyí:

```
Latitude: 7.4
Longitude: 3.9
UTC Zone: 1
Daylight Savings: off
```

Bí `UTC Zone` bá wà ní 0, kọ̀ǹpútà yóò rò pé 4:30 ìrọ̀lẹ́ tí ẹ kọ jẹ́ ti Gíríníìṣì, yóò sì ya oòrùn 5:30 Ìbàdàn fún yín. Bí `Daylight Savings` bá wà ní títàn, oòrùn 3:30 ni yóò yà. Wákàtí kan lè dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n ẹ óò rí i láìpẹ́ pé ó ń dín òjìji fàráńdà wa kù sí nǹkan bí ìdajì. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ káàkiri etíkun, ẹ rántí pé aago Kùtọnú bá tiwa mu, ṣùgbọ́n ti Gíríníìṣì ni Lomé ń lò. Ẹni tó bá gbé iṣẹ́ Kùtọnú lọ sí Lomé gbọ́dọ̀ dá `UTC Zone` padà sí 0.

Àṣìṣe kejì ni ti àríwá. Àwọn ìwé tí a fi kọ́ ọ̀pọ̀ wa níṣẹ́ wá láti ibi tí oòrùn ọ̀sán kì í ti kúrò ní gúúsù láé. Ní Ìbàdàn, oòrùn máa ń kan àtàrí gan-an ní nǹkan bí ọjọ́ 9 oṣù Kẹrin, ó sì tún ń kàn án ní nǹkan bí ọjọ́ 3 oṣù Kẹsàn-án. Láàárín ọjọ́ méjèèjì yìí, ó tó oṣù márùn-ún, àríwá ni oòrùn ọ̀sán wà. Ojú ilé tó kọjú sí àríwá ń jẹ oòrùn, èyí tó kọjú sí gúúsù sì wà nínú ibòji. Àwòrán ìgbà òjò tó fi òjìji ọ̀sán sí apá àríwá ilé ti kùnà, bó ti wù kí ọ̀dà rẹ̀ dán tó.

Ọ̀nà tó rọrùn jù láti yẹ gbogbo èyí wò ni kí ẹ ri ọ̀pá kan mọ́lẹ̀ nínú mọ́dẹ́lì náà, kó ga ní mítà kan. Ẹ fi ọjọ́ sí 21 oṣù Kejìlá, aago 12:42. Òjìji ọ̀pá náà gbọ́dọ̀ gùn tó sẹ̀ǹtímítà 60, kó sì na tààrà sí àríwá, kó bá ọfà àríwá inú pílánì sọ̀fíyọ̀ lọ ní ọgbọọgba. Ẹ wá yí i sí 21 oṣù Kẹfà, aago 12:46. Ó gbọ́dọ̀ kúrú sí sẹ̀ǹtímítà 29, kó sì yí padà sí gúúsù. Bí gígùn rẹ̀ bá tọ́ ṣùgbọ́n tí kò bá ọfà lọ, `North Offset` lẹ máa tún ṣe. Bí ó bá yà bàrá díẹ̀, tí gígùn náà sì lé, ẹ wo aago. Ẹ má fọwọ́ yí oòrùn kí àwòrán lè dára; látìgbà yẹn lọ, kò sí ohun kan nínú rẹ̀ tí a tún lè gbẹ́kẹ̀ lé.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ sínú fàráńdà. Bí a bá gé ilé náà sí méjì bí ẹni gé búrẹ́dì, tí a sì wo ojú ibi tí a gé láti ẹ̀gbẹ́, igun kan ṣoṣo ni oòrùn ń gbà wọlé. Igun yìí là ń pè ní VSA. Ó yàtọ̀ sí gíga oòrùn lójú ọ̀run, àfi bí oòrùn bá kọjú sí ògiri náà gan-an. Bí oòrùn bá wà ní ẹ̀gbẹ́, VSA a máa ga ju gíga oòrùn lọ. HSA ni igun tí oòrùn fi yà kúrò ní iwájú ògiri. Bí a ṣe ń ṣírò rẹ̀ nìyí:

```
tan(VSA) = tan(alt) / cos(HSA)
drop     = depth * tan(VSA)
```

`alt` ni gíga oòrùn lójú ọ̀run, `depth` sì ni jíjìn fàráńdà. Ohun tí `drop` ń sọ ni bí òjìji etí dẹ́kìn ṣe sọ̀ kalẹ̀ tó lára ògiri. Lọ́jọ́ wa, ní 4:30, VSA jẹ́ dígírì 35.3, tan rẹ̀ sì jẹ́ 0.707. Mítà 2 lọ́nà 0.707 fún wa ní mítà 1.41. Láti abẹ́ bíìmù sọ̀ kalẹ̀, mítà 1.41 wà nínú ibòji, mítà 1.29 tó kù nísàlẹ̀ sì ń jẹ oòrùn. Ní 5:30, igun náà ti sọ̀ sí dígírì 20.3, òjìji kò sì ju sẹ̀ǹtímítà 74 lọ. Ṣùgbọ́n ní 3:00, òjìji ìbá sọ̀ tó mítà 3.17, ó ju gíga ògiri lọ, nítorí náà ògiri wà nínú ibòji látòkè délẹ̀; ilẹ̀ fàráńdà nìkan ni oòrùn ń tẹ̀, láti etí títí dé mítà 1.70 sínú.

Ẹ kọ nǹkan mẹ́ta yìí sórí ìwé kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì rẹ́ńdà: 1.70 lórí ilẹ̀ ní 3:00, 1.41 lára ògiri ní 4:30, àti 0.74 lára ògiri ní 5:30. Bí àwòrán bá jáde, ẹ wọn òjìji náà lórí ògiri àti lórí ilẹ̀. Ìyàtọ̀ sẹ̀ǹtímítà kan tàbí méjì kò burú. Bí ìyàtọ̀ bá tó ogún, ẹ wo etí dẹ́kìn: ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹnì kan yọ ọ́ síta ju bíìmù lọ, tàbí pé òrùlé páànù yọ létí tí a kò sì kà á mọ́ jíjìn fàráńdà. Ohun tó yọ síta jù ló ń jù òjìji, kì í ṣe ohun tí ẹ rò pé ó ń jù ú. Bí etí náà bá sì ga ju abẹ́ bíìmù lọ, ibi gíga yẹn ni òjìji rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀.

Ó hàn báyìí pé fàráńdà nìkan kò lè gba ògiri ìwọ̀-oòrùn sílẹ̀ lọ́wọ́ oòrùn ìrọ̀lẹ́. Ìdí nìyẹn tí a fi ń mọ fáńsì búlọ́ọ̀kù sí etí rẹ̀. Ẹ lè rí irú ojú ilé oníhòhò bẹ́ẹ̀ lára ilé ìkàwé Kenneth Dike ní Yunifásítì Ìbàdàn, tí Maxwell Fry àti Jane Drew yà pẹ̀lú àwọn ilé mìíràn nínú ọgbà náà. Ní Brazil, kòbògó ni wọ́n ń pè é. Ìlú Recife ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní 1929, orúkọ àwọn ọkùnrin mẹ́ta tó gbé e jáde ni wọ́n sì gé pọ̀ fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Dígírì mẹ́jọ ni Recife fi wà ní gúúsù ìlà agbedeméjì, bí àwa ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ fi wà ní àríwá rẹ̀, nítorí náà ohun tí oòrùn oṣù Kejìlá ń ṣe fún wa jọ èyí tí ti oṣù Kẹfà ń ṣe fún wọn, bí ẹni wo dígí.

Búlọ́ọ̀kù tiwa jẹ́ mìlímítà 225 níbùú lóròó. Ihò àárín rẹ̀ jẹ́ onígun mẹ́rin, mìlímítà 150 sí 150, búlọ́ọ̀kù náà sì nípọn tó mìlímítà 100. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe ni pé wọ́n á wá àwòrán PNG oníhòhò, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó pẹlẹbẹ kan, ó parí. Òjìji SketchUp fúnra rẹ̀ kò tilẹ̀ ń rí ihò inú PNG: yóò ju òjìji pátákó odindi. Cycles inú Blender ń rí ihò náà ní tirẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni ẹ̀tàn wà, torí àwòrán á dára lójú, kò sì ní jẹ́ òótọ́. Pátákó náà kò nípọn, oòrùn sì ń wọlé láti inú rẹ̀ ní gbogbo wákàtí.

Ẹ wo ohun tí nínípọn ń ṣe. Ní 4:30, bí oòrùn ṣe ń gba inú mìlímítà 100 búlọ́ọ̀kù náà kọjá, ó ń sọ̀ kalẹ̀ ní mìlímítà 71. Nínú 150, 79 péré ló kù tí ìmọ́lẹ̀ lè gbà kọjá lóròó. Níbùú, oòrùn yà sí gúúsù díẹ̀, dígírì 5, nítorí náà mìlímítà 9 ló sọnù, 141 ló kù. Ìmọ́lẹ̀ tó bọ́ sára ògiri jẹ́ 141 sí 79, kì í ṣe 150 sí 150. Ìdajì ló kù. Ihò onígun mẹ́rin tó dọ́gba ti di ìmọ́lẹ̀ pẹlẹbẹ tó dùbúlẹ̀ lára ògiri.

Ní 3:00, mìlímítà 159 ni oòrùn ìbá sọ̀ nínú ihò tí gíga rẹ̀ kò ju 150 lọ. Kò sí ìtànṣán kan tó kọjá. Láti ìgbà tí oòrùn ti yí sí apá ìwọ̀-oòrùn títí di 3:06, fáńsì búlọ́ọ̀kù wa ń dí oòrùn pátá. Lẹ́yìn náà ni àmì ìmọ́lẹ̀ tó ṣeé fi dárà yẹn tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Àwòrán tó fi àràbarà òjìji hàn lórí ilẹ̀ fàráńdà yìí ní 2:00 ọ̀sán ti dá àrà tí búlọ́ọ̀kù náà kò lè dá. Ohun tó yẹ kó hàn ní wákàtí yẹn ni ihò tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ yòò, tí òkè inú rẹ̀ sì dúdú díẹ̀, torí oòrùn ń tẹ ìsàlẹ̀ ihò, kò sì lè wọlé jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nítorí náà, ẹ ya búlọ́ọ̀kù kan dáadáa, pẹ̀lú nínípọn rẹ̀, kí ẹ sì sọ ọ́ di púpọ̀. Fún ògiri oníhò tó fẹ̀ ní mítà 5.4 tó sì ga ní 2.7, ẹ nílò 24 níbùú àti 12 lóròó, ìyẹn 288. Bí wọ́n bá jẹ́ ẹ̀dà tó so mọ́ra wọn, `Alt+D` nínú Blender tàbí `Component` nínú SketchUp, kọ̀ǹpútà kò ní mí hẹlẹ. Bí ẹ bá yí ihò ọ̀kan padà, gbogbo wọn á yí.

Ibi tí ìmọ́lẹ̀ náà bọ́ sí tún ṣe pàtàkì. Ní 4:30, ìmọ́lẹ̀ ihò kọ̀ọ̀kan sọ̀ ní mítà 1.41 kó tó kan ògiri, ó sì sún sí àríwá ní sẹ̀ǹtímítà 18. Bí ẹ bá dúró níta tí ẹ kọjú sí ilé, ọwọ́ òsì yín nìyẹn. Ìmọ́lẹ̀ ihò tó wà nísàlẹ̀ mítà 1.41 kò lè dé ògiri, ilẹ̀ ló ń bọ́ sí, á sì gùn síi níbẹ̀: ohun tó jẹ́ mìlímítà 79 lára ògiri di 112 lórí ilẹ̀. Bí àmì ara ògiri àti ti ilẹ̀ bá gùn bákan náà nínú àwòrán yín, ẹ mọ̀ pé àwòrán la lẹ̀ mọ́ ọn, oòrùn kọ́ ló yà á.

Ọ̀rọ̀ lúfà kò jìnnà sí èyí. Ká ní a fi pákó pẹlẹbẹ dípò búlọ́ọ̀kù, kí pákó kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní mìlímítà 100, kó nípọn ní 20, kó sì jẹ́ pé mìlímítà 100 ni ìdí ọ̀kan sí ìdí èkejì. Àlàfo tó ṣí sílẹ̀ jẹ́ 80. Ní 4:30, oòrùn sọ̀ ní 71 nínú ìbú pákó, mìlímítà 9 péré ló sì kù tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá, bí okùn tínrín. Ẹni tó ya pákó rẹ̀ láìnípọn yóò rí 29 dípò 9. Ìlọ́po mẹ́ta nìyẹn, láti inú ohun tí kò ju ìka kan lọ.

Ti lúfà onígíláàsì ní wàhálà mìíràn. Nínú Cycles, gíláàsì tó mọ́ gaara lè ju òjìji dúdú bíi ti kọnkéré, pàápàá bí ẹnì kan bá ti pa `Caustics` nítorí àmì tótòtó nínú àwòrán. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí ẹ da `Glass BSDF` pọ̀ mọ́ `Transparent BSDF`, kí `Is Shadow Ray` láti inú `Light Path` máa yan èyí tí yóò lò. Òjìji gíláàsì yóò wá fúyẹ́ bó ti yẹ, etí abẹ́ rẹ̀ nìkan ni yóò sì fa ìlà tó dúdú díẹ̀.

Etí òjìji ló kàn. Oòrùn kì í ṣe ojú kan ṣínṣín, ó fẹ̀ tó ìdajì dígírì lójú wa, 0.53 ká sọ ọ́ gan-an. Nítorí náà, etí òjìji gbogbo ń fẹ̀ síi bí ó ṣe ń jìnnà sí ohun tó jù ú. Ẹ pín ọ̀nà tí ìtànṣán rìn sí 107, ẹ ó mọ bí etí náà ṣe fẹ̀ tó. Láti fáńsì búlọ́ọ̀kù dé ògiri wa, ìtànṣán rin mítà 2.46 ní 4:30, etí sì jẹ́ mìlímítà 23. Lóròó lára ògiri, torí ìtànṣán dagun, ó tó 28. Ìmọ́lẹ̀ búlọ́ọ̀kù tó ga ní 79 lè fara da ìyẹn, àárín rẹ̀ á ṣì mọ́. Ṣùgbọ́n ìlà mìlímítà 9 ti lúfà pákó yóò tú ká, yóò di ìmọ́lẹ̀ bàìbàì tí agbára rẹ̀ kò tó ìdajì. Bí a bá gbé lúfà kan náà sí ojú fèrèsé, tí kọ́tìnnì wà ní sẹ̀ǹtímítà 10 sí i, ìlà rẹ̀ á mú bí abẹ. Nítorí náà, ẹ fi `Angle` iná `Sun` sí 0.53°. Bó bá wà ní 0, gbogbo ìlà á mú bákan náà, nítòsí àti lókèèrè, ojú ẹni tó mọ oòrùn á sì kọ̀ ọ́ kó tó mọ ìdí rẹ̀.

Àwọn kan máa ń sọ `Angle` di 3 tàbí 5 nígbà tí wọ́n bá fẹ́ ya ìgbà ọyẹ́. Kò tọ́. Eruku ọyẹ́ kò sọ oòrùn di ńlá. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń dín agbára oòrùn kù, ó sì ń mú kí ojú ọ̀run fúnra rẹ̀ funfun kó sì mọ́lẹ̀ síi. Ẹ dín `Strength` oòrùn kù, ẹ fi kún ti ojú ọ̀run. Òjìji á ṣì wà níbi tó wà, ṣùgbọ́n dúdú rẹ̀ á fúyẹ́, bí ẹ ṣe ń rí i ní oṣù Kìíní.

Nínú fàráńdà jíjìn, ibòji kì í dúdú bí inú àjà. Ìmọ́lẹ̀ ń ta padà láti ilẹ̀ ìta sókè, abẹ́ dẹ́kìn a sì máa mọ́ ju orí ògiri tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ lọ. Bí ilẹ̀ ìta bá jẹ́ ilẹ̀ pupa Ìbàdàn, abẹ́ dẹ́kìn funfun á gba àwọ̀ osùn díẹ̀. Ẹ fi `Diffuse` nínú `Light Paths` sí 8, torí ìmọ́lẹ̀ ní láti ta nínú ihò búlọ́ọ̀kù, kó ta lára ògiri, kó tún ta lábẹ́ dẹ́kìn kó tó dé ojú wa. Ẹ má ṣe fi ọ̀dà funfun sí 1.0, 0.8 ló sún mọ́ òótọ́. Bí fàráńdà bá ṣì ṣókùnkùn jù, ẹ yẹ àwọ̀ ilẹ̀ ìta wò, bóyá ẹ fi dúdú sílẹ̀ níbẹ̀, tàbí ẹ kò fi ilẹ̀ kankan síta rárá. Ẹ má gbé iná mìíràn sínú fàráńdà.

Bí ọ̀pá mítà kan yẹn bá ń ju òjìji méjì, oòrùn méjì ló wà nínú iṣẹ́ yín. Ọ̀kan jẹ́ iná `Sun`, èkejì wà nínú àwòrán HDRI tàbí nínú `Sky Texture`. Ẹ pa `Sun Disc` inú `Sky Texture`. Bó bá jẹ́ HDRI tí oòrùn wà nínú rẹ̀ ni, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ fún èyí tí kùrukùru bo oòrùn rẹ̀.

Fún ilé wa yìí, àwòrán mẹ́ta la ó fún onílé láti ojú kan náà: 3:00, 4:30 àti 5:30. Ní igun àwòrán kọ̀ọ̀kan, a ó kọ ọjọ́, wákàtí àti Ìbàdàn. Ní ti 5:30, ìmọ́lẹ̀ ihò kọ̀ọ̀kan ti ga sí mìlímítà 113 lára ògiri, wọ́n sì ti gùn ún dé sẹ̀ǹtímítà 74 sí abẹ́ bíìmù. Ibẹ̀ ni onílé á ti rí i fúnra rẹ̀ bóyá ihò 150 yìí tó fún un, tàbí kí a pààrọ̀ rẹ̀ sí 100 kí a tó pe ẹni tí yóò mọ búlọ́ọ̀kù.